Áyọ́ọ̀nù onísítíìmù tó ń kán omi sára aṣọ: ṣé ó ti bàjẹ́ ni, àbí iná ni kò tó?

Bùnmi_Agége

Ẹ káàsán o. Áyọ́ọ̀nù onísítíìmù mi ń kán omi láti inú àwọn ihò abẹ́ rẹ̀, omi náà tún pọ́n díẹ̀, ó ń ba aṣọ funfun jẹ́. Apá iwájú kì í gbóná tó apá ìdí. Kò tíì pẹ́ tí mo rà á, àwọn kan sì ní kí n gbé e jù nù. Kí ló ń fà á gan-an?

---

Táíwò_Gbogboǹṣe

Ẹ́límẹ́ǹtì ló jó lápá kan. Ti iwájú ti kú, ti ẹ̀yìn ló kù. Omi tó bá bọ́ sórí irin tútù kò lè di èéfín, á kàn gba ihò jáde ni. Ẹ ra òmíràn. Tí ẹ bá kó owó ẹ́límẹ́ǹtì àti owó iṣẹ́ pọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tuntun.

---

Bàbá_Rẹwáyà

Táíwò, àárín ọ̀rọ̀ rẹ dára, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dáa. Lóòótọ́, omi tó bá bọ́ sórí irin tútù ló ń kán jáde. Ṣùgbọ́n ẹ́límẹ́ǹtì áyọ́ọ̀nù onísítíìmù kì í jó lápá kan. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U, wọ́n sì da alumíníọ̀mù bò ó mọ́ irin abẹ́. Wáyà kan ló gba inú rẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibikíbi tó bá ti já, iná ò ní kọjá mọ́, gbogbo áyọ́ọ̀nù á tutù pátápátá. Bí ti Bùnmi bá ṣì ń gbóná níbì kan, ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀ wà láàyè.

Ẹ jẹ́ ká wo bí sítíìmù ṣe ń wáyé, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Omi kì í hó nínú táǹkì. Fáàfù kékeré kan ló ń jẹ́ kí omi máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú yàrá kan tó wà lórí irin abẹ́, irin náà ló sì ń sọ ọ́ di sítíìmù lójú ẹsẹ̀. Bí irin bá gbóná tó, kò sí omi tó máa kù láti kán. Bí kò bá gbóná tó, tàbí bí omi bá ń wọlé ju ohun tí irin lè sọ di sítíìmù lọ, èyí tó kù á gba ihò jáde bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń gbé wá fún mi pé ó ń jò, kò sí ibi kankan tó là lára rẹ̀.

Bùnmi, mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Wáàtì mélòó ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀? Báwo ni iná ṣe ń rí ládùúgbò yín nígbà tí ẹ bá ń lọ aṣọ? Nígbà tó bá ń kán, ṣé iná kékeré ara rẹ̀ máa ń kú kó tún tàn, àbí ńṣe ló ń tàn lọ láìkú?

---

Alágbàfọ̀_Òṣogbo

Kí Bùnmi tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n bi í léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í: ibo lẹ yí i sí? Áńkárá àti kọ́tìnì ń fẹ́ àmì tóótó mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bí ìwọ̀n 200 lórí irin. Tóótó méjì jẹ́ 150. Tóótó kan, tí wọ́n ń lò fún aṣọ ọ̀rá, kò ju 110 lọ. Tí ẹ bá yí i sí tóótó kan torí léèsì, tí ẹ sì ṣí sítíìmù sílẹ̀, á kán, kódà kó jẹ́ pé ọjọ́ náà lẹ yọ ọ́ nínú páálí. Áyọ́ọ̀nù olówó iyebíye kan ní ohun tó máa ń ti fáàfù fúnra rẹ̀ bí irin bá ti tutù jù. Àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa kò ní in.

Ohun kejì ni bọ́tìnì tó ń tú sítíìmù jáde pùù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń tẹ̀ ẹ́ léraléra bíi fèrè ọkọ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń da omi tútù púpọ̀ sórí irin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́.

---

Kọ́lá_Ìlọrin

Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀! Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi. Mo so ó mọ́ tiransifọ́mà kékeré tí a fi ń lo rédíò, kì í gbóná dáadáa, tiransifọ́mà sì ń rùn. Ṣé kí n kúkú so ó mọ́ iná ògiri tààrà?

---

Bàbá_Rẹwáyà

Kọ́lá, má dán an wò. Ti ìwọ yàtọ̀ sí ti Bùnmi. Iná fóòtì 120 ni wọ́n ṣe áyọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà fún. Bí o bá so èyí tó jẹ́ wáàtì 1500 mọ́ 230 wa, ó máa fẹ́ fa ju wáàtì 5000 lọ, á sì jó kí o tó yíjú padà. Tiransifọ́mà rédíò náà kò sì lè gbé e, ìdí nìyẹn tó fi ń rùn. Èyí tó bá máa gbé áyọ́ọ̀nù yẹn kò gbọdọ̀ kéré sí wáàtì 2000, owó rẹ̀ á sì ra áyọ́ọ̀nù tuntun méjì. Fi ránṣẹ́ padà, tàbí kí o tà á fún ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà.

---

Bùnmi_Agége

Ẹ ṣeun, sà. Wáàtì 1600 ni wọ́n kọ sí i, wọ́n sì kọ sítíìmù gíráàmù 20 ní ìṣẹ́jú kan sára páálí. Tóótó mẹ́ta ni mo ń yí i sí. Alẹ́ ni mo sábà máa ń lọ aṣọ, áàfù kọ́rẹ́ǹtì sì ni NEPA ń gbé fún wa lálẹ́. Iná ara rẹ̀ kì í kú tí mo bá ń lo sítíìmù, mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Orí ẹkisitẹ́ńsọ̀n ni mo ti ń lò ó, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì jìnnà sí tábìlì.

---

Bàbá_Rẹwáyà

Iná tí kì í kú yẹn ti sọ ohun tó pọ̀ fún wa. Iná yẹn ń tàn nígbà tí ẹ́límẹ́ǹtì bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kú nígbà tí tẹmosítáàtì bá rí i pé irin ti gbóná tó. Bó bá ń tàn lọ láìkú, tí omi sì ń kán, a jẹ́ pé ẹ́límẹ́ǹtì ń sá eré tí kò lè bá. Bó bá jẹ́ pé iná ń kú ní àkókò, tí irin kò sì gbóná, a jẹ́ pé tẹmosítáàtì ló ń pa iná kó tó tó àkókò. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àtúnṣe wọn ò sì jọra.

Ẹ wá wo ohun tí áàfù kọ́rẹ́ǹtì ń ṣe. Bí iná bá wálẹ̀ láti 230 sí 160, àwọn èèyàn máa ń rò pé bí ìdá mẹ́ta ooru ló dín. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1600 yẹn á di nǹkan bí 775, kò tó ìdajì mọ́. Láti sọ gíráàmù 20 omi di sítíìmù láàárín ìṣẹ́jú kan, irin nílò nǹkan bíi wáàtì 850, aṣọ ò sì tíì fa ooru tirẹ̀ nínú ìyẹn. Àmọ́ fáàfù kò mọ̀ pé iná ti wálẹ̀. Iye omi tó ń kán lójú iná 230 náà ló ń kán lójú 160. Ibi tí gbèsè ti ń wọlé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iwájú tó tutù pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ibi tí fáàfù ń kán omi sí ló ń kọ́kọ́ tutù, ibi tó jìnnà sí i ṣì ń gbóná. Ẹ ti sítíìmù pa pátápátá, kí ẹ jẹ́ kó gbóná fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì fi ìka wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí iwájú, àárín àti ìdí rẹ̀. Bó bá dún ṣàá ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà, irin náà dára. Omi ló ń pa iwájú rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí sítíìmù.

---

Táíwò_Gbogboǹṣe

Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fojú ara mi rí áyọ́ọ̀nù tó gbóná lápá kan tí kò gbóná lápá kejì, kò sì ní sítíìmù rárá. Ti ìyẹn ńkọ́?

---

Bàbá_Rẹwáyà

Áyọ́ọ̀nù gbígbẹ ayé àtijọ́ nìyẹn, àwọn tó wúwo. Ẹ́límẹ́ǹtì tiwọn fẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n wé wáyà pẹlẹbẹ mọ́ máíkà, wọ́n sì fi irin wúwo kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì. Bí nọ́ọ̀tì bá dẹ̀, ẹ́límẹ́ǹtì kò ní fara kan irin abẹ́ dáadáa lápá ibẹ̀, apá ibẹ̀ á tutù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ṣí orí rẹ̀, kí ẹ fún nọ́ọ̀tì náà. Bí máíkà bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fún un lórí bẹ́ẹ̀, torí iná lè kan ara irin. Nínú ìyẹn, òótọ́ lo sọ.

---

Àǹtí_Pẹ́kámù

Ní Lọ́ndọ̀nù níbí, iná kò dín rárá, síbẹ̀ áyọ́ọ̀nù ń kán. Omi wa ló kún fún ẹfun. Ẹ wo inú kẹ́tùlù ẹnikẹ́ni níbí, funfun báláú. Ẹfun yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu fáàfù, fáàfù kò sì ní lè pa dé mọ́. Ó tún máa ń bo irin inú yàrá sítíìmù, tí omi kò fi ní kan irin gan-an. Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹrù ru NEPA.

Mo máa ń da fínígà funfun àti omi dọ́gbadọ́gba sí i, kó gbóná, kó sì tu gbogbo rẹ̀ jáde. Ó ń ṣiṣẹ́.

---

Alágbàfọ̀_Òṣogbo

Àǹtí, pẹ̀lẹ́ nídìí fínígà. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń bá áyọ́ọ̀nù wá ló kọ ọ́ pé kí a má dà á sí i. Ó ń jẹ irin, ó sì ń ba rọ́bà fáàfù jẹ́. Mo ti rí èyí tí kì í jò tẹ́lẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn fínígà, torí ẹfun ló ti ń dí ibi tó ti là tẹ́lẹ̀.

Omi lásán ni kí ẹ fi fọ inú rẹ̀. Ẹ da omi tó mọ́ sí i dé ìwọ̀n tí wọ́n fàlà sí, ẹ gbé e sí tóótó mẹ́ta títí iná rẹ̀ fi máa kú, kó tún tàn, kó tún kú. Lẹ́yìn náà ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ gbé e lé orí bàsíà ní ìdùbúlẹ̀, ẹ ṣí sítíìmù dé òpin tàbí kí ẹ yí i sí ibi ìfọra-ẹni bó bá ní in, kí ẹ sì máa mì í síwá-sẹ́yìn títí táǹkì á fi gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ jìnnà, omi gbígbóná àti sítíìmù ló ń tú jáde. Àwọn èérún funfun àti pupa á bọ́ sínú bàsíà. Ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi lọ àkísà kan kó gbẹ, kí ẹ tó gbé aṣọ funfun dé ìdí rẹ̀.

---

Àǹtí_Pẹ́kámù

Ohun tí ìwé kọ ni ẹ sọ, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni mo sọ. Omi lásán kò lè tú ẹfun tó ti gan.

---

Bàbá_Rẹwáyà

Ẹfun tó ti gan ń fẹ́ ohun kíkan, Àǹtí kò parọ́. Àmọ́ ẹni tí ìwé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, ewu ara rẹ̀ ló fẹ́. Èmi kò ní bá yín parí ìyẹn.

Omi pípọ́n tí Bùnmi sọ, omi bóòhó tó ní ìpẹtà lè fà á, tàbí sítáàṣì. Ẹ jọ̀ọ́, sítáàṣì kì í wọ inú táǹkì. Ara aṣọ ni kí ẹ wọ́n ọn sí láti inú ike lọ́tọ̀. Tó bá wọ inú, á jó mọ́ irin, á di dúdú tàbí pípọ́n, òun náà lẹ máa rí lára aṣọ funfun. Ti Bùnmi gan-an, ìfọ̀ tí Alágbàfọ̀ ṣàlàyé yẹn ni kó kọ́kọ́ ṣe.

---

Táíwò_Gbogboǹṣe

Omi wo ló wá dára jù? Mo ń lo piọ́wọ́tà inú ọ̀rá, torí wọ́n ti sẹ́ ẹ. Àwọn kan ní omi bátìrì ló dára jù.

---

Alágbàfọ̀_Òṣogbo

Sísẹ́ ń mú ìdọ̀tí kúrò, kò mú ẹfun kúrò. Kànga tí wọ́n ti fa piọ́wọ́tà ló máa sọ bó ṣe rí. Ẹ sè é nínú ìkòkò tó mọ́ kí ẹ wo ohun tó kù nídìí.

Ní ti omi bátìrì, ẹ ṣọ́ra. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Èyí tí wọ́n fi ń bu omi kún bátìrì, tí kò ní ohunkóhun nínú, kò burú, kódà ìwé àwọn áyọ́ọ̀nù kan ní kí a dà á pọ̀ mọ́ omi ẹ̀rọ ní ìdajì-ìdajì. Ásíìdì ni èkejì, èyí tí wọ́n ń dà sínú bátìrì tuntun. Ike méjèèjì jọra ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan. Bí ohun tí wọ́n kọ sára ike kò bá yé yín, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

---

Bùnmi_Agége

Mo ti fọ̀ ọ́. Èérún pupa jáde gan-an, omi ti mọ́ báyìí. Nígbà tí mo ti sítíìmù pa, kò kán rárá, iwájú àti ìdí sì dún ṣàá bákan náà. Nígbà tí mo ṣí sítíìmù lálẹ́, ó tún kán, kò kàn pọ́n mọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi mítà wọn iná fún mi nígbà tí áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́: ojú ògiri 185, orí ẹkisitẹ́ńsọ̀n 160.

---

Bàbá_Rẹwáyà

Ẹ kú iṣẹ́. Ìṣòro náà ti fara hàn. Kò kán nígbà tí ẹ ti sítíìmù pa, a jẹ́ pé fáàfù dára, yàrá sítíìmù kò sì là. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u.

Láàárín ògiri àti áyọ́ọ̀nù, fóòtì 25 ń ṣòfò sínú ẹkisitẹ́ńsọ̀n. Ó ń di ooru nínú wáyà tàbí nínú púlọ́ọ̀gì, nǹkan bíi wáàtì 120, ibì kan gbọ́dọ̀ máa gbóná. NEPA kọ́ ló fa ìyẹn. Ẹ fọwọ́ kan ìdí púlọ́ọ̀gì ẹkisitẹ́ńsọ̀n lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́.

Bí ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù sí ojú ògiri tààrà, ní 185, nǹkan bíi wáàtì 1035 lẹ máa rí. Ìyẹn ju 850 lọ, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà ẹ dín sítíìmù sí àárín, má ṣe ṣí i dé òpin. Ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ṣí sítíìmù. Nígbàkigbà tí ẹ bá rí i pé iná ti ń tàn fún ìgbà pípẹ́ láìkú, ẹ ti sítíìmù, kí ẹ lọ ọ́ ní gbígbẹ díẹ̀.

---

Táíwò_Gbogboǹṣe

Sítébíláísà á parí gbogbo èyí. Kó ra ọ̀kan.

---

Bàbá_Rẹwáyà

Sítébíláísà tẹlifíṣọ̀n kọ́ o. Láti gbé 160 sókè fún áyọ́ọ̀nù wáàtì 1600, ó ń fẹ́ èyí tó ju 2000 lọ, á sì fa iná púpọ̀ sí i láti inú wáyà tó ti ń ráhùn tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè gbé wáàtì 1000 dáadáa, áyọ́ọ̀nù á sì máa kán lórí wọn bó ṣe ń kán lórí áàfù kọ́rẹ́ǹtì.

---

Alágbàfọ̀_Òṣogbo

Fún ẹni tí tirẹ̀ bá kán nígbà tí sítíìmù wà ní títì, tó sì gbóná dáadáa: bí ìfọ̀ kò bá ran fáàfù lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gọ́ọ̀mù tó so ìdérí yàrá sítíìmù ló là. Àwọn kan máa ń fi sílíkónì pupa tí mẹkáníìkì fi ń lẹ ẹ́ńjìnnì dì í. Ti pupa yẹn ń fara da ooru, ti fèrèsé kò lè fara dà á. Ẹ ha ti àtijọ́ kúrò pátá, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan.

---

Bàbá_Rẹwáyà

Mo ti rí èyí tó pẹ́, mo sì ti rí èyí tó là láàárín oṣù kan. Èmi kì í gba owó lórí ẹ̀, torí omi àti iná ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá máa ṣe é, kó rí i pé wáyà ilẹ̀ rẹ̀ dé ara irin abẹ́: ẹ fi mítà wò ó láti ẹsẹ̀ gígùn púlọ́ọ̀gì dé irin. Bí mítà kò bá fi hàn pé méjèèjì so pọ̀, ẹ má lò ó.

---

Bùnmi_Agége

Púlọ́ọ̀gì ẹkisitẹ́ńsọ̀n náà ló ń gbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dúdú. Lójú ògiri, pẹ̀lú sítíìmù ní àárín, kò kán mọ́ àfi ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì nìkan?

---

Bàbá_Rẹwáyà

Ẹ wo wáyà náà. Bó bá tín-ín-rín, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí ẹ ra èyí tí wáyà rẹ̀ jẹ́ 1.5 ó kéré tán, tó ní ẹsẹ̀ ilẹ̀. Bí wáyà bá nípọn tó, ẹ gé ibi tó ti jó kúrò títí ẹ fi máa rí kọ́pà tó ń dán, ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, kí ẹ sì di àwọn síkúrú rẹ̀ le. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tó ti ń wọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì bá ti dúdú, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lè ti dẹ̀, á sì tún jó tuntun náà.